Mo fagi lé àsansílẹ̀ mi láàárín oṣù, wọn kò dá kọ́bọ̀ padà

Fọ́tò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo ń yà jẹun ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń san ₦6,000 lóṣooṣù fún iléeṣẹ́ kan tó ń bá ni tọ́jú fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wọn dára, nítorí fọ́tò kan kò sọnù lọ́wọ́ wọn rí. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ohun tó bí mi nínú lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba àsansílẹ̀ ṣe ń ṣe é.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n yọ owó wọn bí ìṣe wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 14, mo ra háàdì dísìkì ńlá kan, mo sì wọlé lọ tẹ "Cancel subscription". Lójú tèmi, ìṣirò náà kò le: ₦6,000 lórí ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ₦200 lójúmọ́, mo ti lo ọjọ́ 11, ó ku ọjọ́ 19, nítorí náà ₦3,800 ló yẹ kó padà sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo rí lójú fóònù kò ju "Your plan stays active until July 2" lọ. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, ọmọbìnrin tó dáhùn sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́: "Sà, ẹ kò ra ọjọ́, oṣù kan gbáko lẹ rà. A kò gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ṣì lè lò ó títí yóò fi parí."

Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Kí ènìyàn fagi lé àsansílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó dá ọjà padà. Ohun tó ń sọ fún iléeṣẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe yọ owó oṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tiwa pàápàá jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé mi. Oníṣẹ́ fọ́tò lè kó gbogbo fọ́tò ìnáwó kan sókè láàárín ọjọ́ méjì, kí oníbàárà rẹ̀ gbà wọ́n ní ọjọ́ kẹta, kí òun sì fagi lé e ní ọjọ́ karùn-ún. Bí wọ́n bá dá owó ọjọ́ 25 padà fún un, ₦1,000 péré ló san fún iṣẹ́ oṣù kan. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ gba owó lórí káàdì ti yọ tiwọn lọ́jọ́ tí a sanwó, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í dá a padà bí a bá tilẹ̀ dá owó oníbàárà padà.

Ibi tí mo ti bá wọn jiyàn rèé. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo kúrò ní ìpele ₦4,000 bọ́ sí ti ₦6,000 nígbà tó ku ọjọ́ 15, wọ́n ṣírò ₦2,000 tó kù fún mi, ₦4,000 ni mo sì fi kún un, oṣù tuntun sì bẹ̀rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n mọ ìṣirò ojúmọ́, àbí wọn kò mọ̀ ọ́n? Wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ owó ọjọ́ yẹn kò kúrò nínú àpò wọn. Ọjà tiwọn náà ni mo tún fi rà. Ó yẹ kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ yìí síbi tí bọ́tìnnì náà wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn.

Àbúrò mi tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òfin tiwọn fún ẹni tó ra nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí owó oṣù bá jáde, tèmi sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè jà fún ni bí wọ́n bá yọ owó lẹ́ẹ̀mejì, tàbí bí wọ́n bá tún yọ ọ́ lẹ́yìn tí mo ti fagi lé e. Ìdí nìyí tí mo fi ya àwòrán ojú fóònù lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú déètì.

Àṣìṣe kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe: nínú ìbínú, mo ti fẹ́ tẹ "Delete account". Ìyẹn ìbá pa ọjọ́ 19 náà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò tó wà níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, òru ni mo ń fi kó wọn sórí háàdì dísìkì, nígbà tí dátà rọjú, mo sì parí rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, mo ń yọjú wo fóònù títí di ìrọ̀lẹ́. Áláàtì báǹkì kò wọlé.