Ẹmu, ògùrọ̀, pitò àti bùrùkùtù ní Àbújá: aago mélòó lẹ fẹ́ mu ún?

Ẹni tó bá ní kí n júwe ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu gidi ní Àbújá fún òun, mo máa kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó làlejò rẹ̀ máa mu ún. Ohun tí ẹlẹ́mu bù fún yín tọ́ wò láago 7 àárọ̀ kọ́ lẹ máa gbé fún èèyàn láago 2 ọ̀sán. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni, orí ọ̀pẹ kan náà ló ti wá, àmọ́ ó ti yàtọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá ro ti wákàtí yìí mọ́ ọn á máa bínú sí ẹlẹ́mu tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Omi tó ń kán lára ọ̀pẹ kì í funfun nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán. Ó máa ń mọ́ gaara ni, ó sì dùn bí omi tí wọ́n po ṣúgà sí, nítorí bí ìdá 10 sí 12 nínú 100 rẹ̀ ni ṣúgà. Kò lè pa ọmọdé pàápàá. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti nínú agbè tí adẹ́mu ti ń lò tipẹ́ ló ń bọ́ sínú rẹ̀, tó ń jẹ ṣúgà yẹn, tó ń sọ ọ́ di ọtí, tó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú un hó. Funfun tí ẹ ń rí nínú ẹmu, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n ti pọ̀ nínú rẹ̀ débi tí omi náà fi dà bíi wàrà. Lára àwọn ẹlẹgbẹ́ yìí làwọn tó ń mú omi ògì kan, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nínú ẹmu. Tó bá pẹ́ tó sì rí afẹ́fẹ́ dáadáa, àwọn mìíràn á dé, wọ́n á sọ ọtí inú rẹ̀ di ọtí kíkan, irú èyí táwọn kan ń dà sórí sàláàdì.

Ìdí rèé tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé adẹ́mu máa ń gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹmu àárọ̀ ti sun sínú agbè mọ́jú, àmọ́ òtútù òru kò jẹ́ kí ìwúkàrà yára, ìyẹn ló fi ń dùn. Ẹmu ìrọ̀lẹ́ ti gba oòrùn gbogbo ọjọ́ lórí igi, nítorí náà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ti le díẹ̀. Ẹni tó bá ní “ẹmu tuntun ni” láago 6 ìrọ̀lẹ́ lè má purọ́ rárá. Ṣùgbọ́n tuntun ìrọ̀lẹ́ kò dà bíi tuntun àárọ̀.

Ọjọ́ kan nínú ayé kẹ́ẹ̀gì kan

Lóṣù kẹta ọdún, nígbà tí ooru Àbújá mú gan-an, mo ra lítà 5 lẹ́bàá títì ní Gwagwaládà, mo gbé e lọ sílé ní Kúbwà, mo fi í sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí oòrùn kò dé, mo sì ń tọ́ ọ wò láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gba kẹ́ẹ̀gì náà bó ṣe ń ti oko bọ̀, nǹkan bí aago 7.

Nígbà yẹn, ó dùn yùngbà, ìfófó rẹ̀ rọ̀, ó kàn ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Láago 10, adùn ṣì wà níwájú, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e mì, kíkan kékeré kan máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Aago 1 ọ̀sán ni mo fẹ́ràn jù. Adùn àti kíkan ti dọ́gba, ó ń hó ṣìṣì tí mo bá gbé ife sétí, ó sì ti ń gùn mí lórí díẹ̀. Láago 4, ó ti gbẹ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń wá adùn kò ní rí i mọ́, ọtí ló kù. Àwọn bàbá wa tó máa ń sọ pé ẹmu dídùn jẹ́ tọmọdé, wákàtí yìí ni wọ́n ń dúró dè. Láago 8 alẹ́, òórùn rẹ̀ ti ń le nímú. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀, ó kan gan-an, ọtí inú rẹ̀ sì le. Ẹmu tó ti lo ọjọ́ kan báyìí lè ní ọtí tó tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, ìyẹn ni pé kò kéré sí bíà inú ìgò.

Àkókò ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá mú, ẹ lè fi wákàtí méjì mẹ́ta kún gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí. Fìríìjì náà máa ń fà á sẹ́yìn, àmọ́ kì í dá a dúró. Mo ti rí ẹmu tó kan nínú fìríìjì.

Ọ̀pẹ àbí ògùrọ̀?

Orí ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn ni ẹmu ti ń wá. Igi ògùrọ̀ ní tiẹ̀ fẹ́ràn ẹrẹ̀ àti etí odò, kò ga tó ọ̀pẹ, omi rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Lẹ́nu tèmi, ògùrọ̀ dùn ju ẹmu lọ láàárọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Ẹmu ọ̀pẹ nípọn lẹ́nu, kò sì tètè pàdánù ara rẹ̀ lọ́sàn-án. Tó bá jẹ́ pé àárọ̀ lẹ máa mu ún, pàápàá àwọn obìnrin tí kò fẹ́ ọtí líle, ẹ ra ògùrọ̀. Tó bá jẹ́ ìjókòó àgbà tó máa wọ ìrọ̀lẹ́, ẹmu ọ̀pẹ ni kí ẹ rà. Ẹ bi ẹlẹ́mu léèrè, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń pe méjèèjì ní ẹmu lásán. Tẹ́ni tó ń tà á bá jẹ́ Hausa, “bammi” ni kí ẹ sọ.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni omi àti sákárìn. Wọ́n á bu omi lé ẹmu kó lè pọ̀, wọ́n á wá ju sákárìn sí i kó lè dùn padà. Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ̀ ọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ wákàtí tí mo ti ń sọ bọ̀. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, kò lè jẹ sákárìn. Nítorí náà, ẹmu tó bá ṣì dùn láago 5 ìrọ̀lẹ́ bó ṣe dùn láàárọ̀, tí kò sì sí nínú yìnyín, ẹ má rà á. Tó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ ń rà á, ẹ ra ife kan ṣoṣo lánàá ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lọ́pọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ dalẹ́, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Sákárìn tún máa ń dúró lọ́nà ọ̀fun lẹ́yìn téèyàn bá ti gbé e mì, ó sì máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀. Ní ti omi, ìfófó ẹmu tí wọ́n bomi lé kì í pẹ́ kú. Oyin tó kú sínú ẹmu kò fi hàn pé ó dọ̀tí, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Pitò àti bùrùkùtù

Àwọn tó ń gbé lágbègbè àwọn Gbagyi tàbí Tiv mọ bùrùkùtù dáadáa. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ọkà mọ́jú, wọ́n á jẹ́ kó hù fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bí ìyá tó ń ṣe é ládùúgbò wa ṣe ń wọ̀n ọ́n ni abọ́ gàrí kan, ìyẹ̀fun ọkà méjì, omi mẹ́fà. Àdàlù yẹn á wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọ́n á sè é fún bíi wákàtí mẹ́rin, wọ́n á tún fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó délé ọtí. Pitò kò ní gàrí, wọ́n máa ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì máa ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ta á jí. Ó mọ́ ju bùrùkùtù lọ, adùn àti kíkan rẹ̀ ṣe wẹ́kú.

Ìyàtọ̀ wọn sí ẹmu ni pé ọjọ́ lẹ máa kà, kì í ṣe wákàtí. Bùrùkùtù tẹ́ ẹ tọ́ wò láàárọ̀ ṣì máa jọ ara rẹ̀ lọ́sàn-án, kíkan rẹ̀ kàn ń le sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ọtí kíkan. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n sè é, kí ẹ sì ní kí wọ́n rò ó kí wọ́n tó bù ú, nítorí ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ara rẹ̀ wà. Ó nípọn, ó ń yó èèyàn bí oúnjẹ. Fún àlejò tó máa jẹ iyán lẹ́yìn rẹ̀, pitò ni mo máa rà. Àwọn tí kì í mu ọtí, ẹ fi kúnnú jéró ṣe tiwọn, kó sì tán lọ́jọ́ yẹn, nítorí òun náà máa ń kan.

Bí mo ṣe ra ti ìdána àbúrò mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ra ẹmu púpọ̀, mo rọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin kún bámúbámú, mo fi ọmọrí dé wọn pinpin, mo kó wọn sínú búùtù nínú oòrùn. A ò tíì kọjá Zúbà tí ọmọrí kan fò, tí ẹmu fi bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde ni.

Fún ìdána yìí, aago 1 ni oúnjẹ. Mo pe ẹlẹ́mu mi, ará Kàbbà ni, lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tàárọ̀ ni mo fẹ́, ẹ má fi tàná lé e.” Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ tètè dé ni.” Mo débẹ̀ láago 6:30, mo gba kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́ta. Lítà 20 péré ni mo ní kó rọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìfófó lè ráyè. A fi ewé dí ẹnu wọn dípò ọmọrí. Mo kó kẹ́ẹ̀gì kan sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín fún àwọn tó fẹ́ adùn, mo fi méjì yòókù síbòji fún àwọn àgbà. Nígbà tó di aago 4, wọ́n ti mu ti ìbòji tán, ti inú yìnyín sì ṣì dùn. Bàbá ìyàwó bu ahá kan nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e jáde kúrò nínú yìnyín fún wákàtí kan ná.