Finasitẹrídì àti dutasitẹrídì: èwo ló ń tètè kúrò lára?

Ẹni tó bá wọ ilé oògùn ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu nítorí irun tó ń já, tàbí nítorí pùrọ́sítéètì tó wú, orúkọ méjì yìí ló sábà máa ń gbọ́. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí tẹsitostẹrónì, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, di DHT, họ́mọ́ọ̀nù míì tó ń mú irun ọkùnrin já, tó sì ń mú pùrọ́sítéètì tóbi. Wàhálà kan náà ni wọ́n sì lè fà: kí ìbálòpọ̀ má wu èèyàn mọ́, kí okó má le bó ṣe yẹ, kí àtọ̀ dín kù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi yàn láàárín wọn ni bó ṣe ń pẹ́ lára tó bí ẹ bá dá a dúró.

Finasitẹrídì ti irun jẹ́ mílígíráàmù 1 lójúmọ́, ti pùrọ́sítéètì jẹ́ 5. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 6, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀; láàárín ọ̀sẹ̀ 2, DHT ti padà sí bó ṣe wà. Dutasitẹrídì, mílígíráàmù 0,5, máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ 5 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Wọ́n ṣì lè rí i nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù 4 sí 6. Ó tún ń gé DHT ju èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún kan ní Kétu, tí ìtọ̀ ń jí lóru. Ó ń lo finasitẹrídì 5, nígbà tó di oṣù kejì, okó rẹ̀ ò le mọ́. Nínú ìdánwò ńlá kan, ó ṣẹlẹ̀ sí bí ọkùnrin 8 nínú 100 lọ́dún àkọ́kọ́. Láàárín àwọn tó lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, ó tó bí 4. Nítorí náà oògùn nìkan kọ́ ló ń fà á; ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ṣe é. Bí dókítà bá ní kó dá a dúró, ọ̀pọ̀ ń rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀. Ká ní dutasitẹrídì ló ń lò, ìdúró náà á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ wà tí wàhálà náà kò lọ lára wọn fún oṣù púpọ̀ tàbí ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró. Lọ́dún 2012, wọ́n fi kún ìwé finasitẹrídì ní Amẹ́ríkà pé ó lè ṣẹlẹ̀, kò sì sí àyẹ̀wò tó lè sọ ẹni tó máa bá.

Nítorí irun nìkan, mi ò ní gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn láti fi dutasitẹrídì bẹ̀rẹ̀. Oògùn irun míì wà, mínọ́kísídílì tí wọ́n ń fi pa orí; kò kan DHT rárá. Bẹ́ ẹ bá sì ń gé finasitẹrídì 5 sí mẹ́rin fún irun, kí aboyún má fọwọ́ kan ẹyọ tí ẹ gé náà, torí ó lè ba ọmọkùnrin inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú pé ẹ ń lò ó kó tó ka àyẹ̀wò PSA yín, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ pùrọ́sítéètì, nítorí finasitẹrídì àti dutasitẹrídì ń dín PSA kù sí bí ìdajì lẹ́yìn oṣù 6.