Fọ́tò rẹ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ: èwo ni kó ṣáájú lójú ewé tuntun tí o fi ń polówó iṣẹ́ rẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lè fi fọ́tò ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn yá, ojúlùmọ̀ á sì pín in kiri, àmọ́ àjèjì kò ní mọ ohun tó lè ṣe.

Fífi iṣẹ́ kan ṣoṣo tí o ṣe hàn ń gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ: lógò àtijọ́ oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí o sọ pé lẹ́tà ti àtijọ́ tín-ín-rín débi pé kò ṣeé kà lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí o fi mú un nípọn. Èyí á ṣì wúlò lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ̀dùn ọkàn ni kí wọ́n ní kí o yọ ọ́.

Bí ojúlùmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbéṣẹ́ wá, fọ́tò ni. Bí àjèjì lò ń wá, iṣẹ́ ni.