Sade méjì, àbẹ́là kan: orin wo ni kí ẹ rà fún alẹ́ àyájọ́ ìgbéyàwó?

Ní alẹ́ àyájọ́ ìgbéyàwó wa ní èṣí, mo tan àbẹ́là kan sórí tábìlì nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo tẹ “Sade” sínú fóònù, mo sì ti ọwọ́ bọ iyán. Sade Adu ni mo ń wá, obìnrin olóhùn tútù tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959. Orin Adekunle Gold tó ń jẹ́ “Sade” ló bọ́ síta, èyí tí ọkùnrin ti ń ṣàròyé pé ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fi ṣaya kò gbà fún òun. Ìyàwó mi gbé orí sókè, ó ní, “Ṣé èmi lẹ ń bá wí ni?” Iyán ti dì mọ́ gbogbo ìka mi, n kò lè fọwọ́ kan fóònù. Orin náà kọ ara rẹ̀ tán pátápátá.

Orin yẹn dára o, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Kì í ṣe orin alẹ́ yẹn ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò báyìí kí n tó sanwó ni bí orin ṣe ń dún nígbà tí mo bá yí i sílẹ̀. Etí ènìyàn kì í gbọ́ báàsì dáadáa bí ohùn bá ti lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí orin tó ń mi ilẹ̀ tìtì ní òde àríyá fi máa ń dún pẹrẹpẹrẹ bí agolo òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Ẹ yí i sílẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́. Bí gìtá àti ohùn olórin bá ṣì dá dúró, ó yege. Ẹ rántí pé ẹ ò ní lè tan fáànù kí àbẹ́là má baà kú, nítorí náà yàrá á dákẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, àfi bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá gbéra. Bí orin bá ti wá fúyẹ́ jù, ẹ gbé sípíkà sún mọ́ ògiri, báàsì rẹ̀ á padà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwo-orin méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: “Lovers Rock” tí Sade Adu gbé jáde ní 2000, àti “Juju Music” ti Sunny Ade, 1982. Èkíní-kejì wọn lé ní 40 ìṣẹ́jú. Méjèèjì yege nínú ìdánwò ṣíbí, torí gìtá ló gbé wọn ró. Ti Sunny Ade tilẹ̀ ní gìtá kan tó ń fà gùùrù bí epo tútù, ó sì wù mí ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n gángan wà níbẹ̀, gángan sì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni ìlù yóò máa bá sọ̀rọ̀ tí kò ní tẹ́tí? Bí ẹ bá ṣe ń bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pàdé ní Tákìé, ni èjìká rẹ̀ á ti máa jó. Ẹ sì fetí sí ọ̀rọ̀ orin náà: “Ja Funmi” tó ṣíwájú, tó gbà tó ìṣẹ́jú méje, àdúrà sí orí ẹni ni, kò sí ìfẹ́ ọkọ àti aya níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Sade Adu fi kọ tirẹ̀, àǹfààní ńlá nìyẹn fún ilé Yorùbá. Orin tó jẹ́ èdè tiwa máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ dáadáa, ohùn ọ̀rọ̀ á yí, ẹ ó sì dákẹ́ láti mọ ohun tó wí. Ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọjá lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má ra “Lovers Rock” kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Somebody Already Broke My Heart” àti “King of Sorrow” wà nínú rẹ̀, “Slave Song” àti “Immigrant” náà wà níbẹ̀, ìyà àwọn ènìyàn dúdú sì ni méjì ìkẹyìn yìí ń sọ. Ohun tí mo yọ lò ni “By Your Side”, “Flow”, “All About Our Love” àti “Lovers Rock” fúnra rẹ̀. Mo fi “Your Love Is King” tó ti jáde ní 1984 kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, nítorí náà mo tò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iyán wa kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orin Yorùbá ń bọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́, tí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Níbẹ̀, “Orente” Adekunle Gold, ti 2015, ni mo yàn. Olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń yìn níbẹ̀, kò sí ẹjọ́ kankan. Àwọn mìíràn tí wọ́n máa dábàá fún yín gba ìṣọ́ra. “Duduke” tí Simi gbé jáde ní 2020, ọmọ inú rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún. Fún tọkọtaya tó ṣì ń retí ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò ó. “Wait for Me” tí Sunny Ade àti Onyeka Onwenu kọ ní 1989 dùn létí, ṣùgbọ́n orin ìpolongo ìfètòsọ́mọbíbí ni. Ẹni tó bá ti bí márùn-ún lè fi rẹ́rìn-ín.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti rà á: àwọn tó ń kó orin sínú mẹ́móríkáàdì lójú ọ̀nà ló rọrùn jù lówó. Mo ti rà á rí. Bí orin bá ti ń wọra, ohùn díjéè á pariwo orúkọ ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀, orin kan á wálẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á sì ké gbòlà. Spotify tàbí Boomplay tí ẹ kò sanwó lé lórí kò ní díjéè, ṣùgbọ́n ìpolówó ń já wọ ọ́. Fún alẹ́ kan péré, owó oṣù kan lórí irú rẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe nítorí dátà. Wákàtí kan ní 160 kílóbíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kò ju 72 mẹ́gábáìtì lọ. Ohun tí ẹ ń san owó fún ni kí ẹ lè wa orin sílẹ̀ sórí fóònù ṣáájú alẹ́ náà, kí nẹ́tíwọ̀kì má rí yín mú.

Lọ́dún yìí, mo wa ohun gbogbo sílẹ̀ lọ́sàn-án, mo ṣí “Airplane mode” kí ìpè má wọlé, mo wá tan Búlútúùtù padà. Mo fi agbára kún sípíkà, torí tèmi a máa sọ̀rọ̀ bí bátìrì rẹ̀ bá ń tán. Mo tún pa “Autoplay”, èyí tó máa ń fi orin tí ẹ kò yàn kún un bí tiyín bá parí. “Orente” parí, ilé dákẹ́, ìyàwó mi ní, “Ẹ tún un kọ.” Ọwọ́ mi mọ́ lọ́tẹ̀ yìí.