Ìkìlọ̀ nípa ráútà oní-VPN "títí ayé": kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà fún gbogbo wa

Mo kọ ìkìlọ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ra ráútà tí olùtà ti ṣètò VPN sí, kí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, láti orí fóònù dé orí tẹlifíṣọ̀n, lè máa gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé a ń fi áàpù sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò náà dára, ó sì ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ló kọ́kọ́ mọ VPN nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn kan sì ti rí i pé ohun tí a kò tíì mọ̀ tán nípa rẹ̀ ṣeé fi pa owó.

Ọgbọ́n tí olùtà yìí ń dá kò díjú. Yóò ní kí ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan, pé ẹ kò ní san owó VPN mọ́ láéláé. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó lọ ṣí àkáǹtì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta VPN, ó gba fáìlì ètò WireGuard, ìyẹn irú VPN kan, níbẹ̀, ó sì ń da fáìlì kan náà sínú gbogbo ráútà tó ń tà. Nínú fáìlì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà, èyí tó yẹ kó jẹ́ ti ráútà kan péré. Ọjọ́ tí owó àkáǹtì rẹ̀ bá tán, tàbí tí ilé-iṣẹ́ náà bá rí i pé èrò ti pọ̀ jù lórí rẹ̀ tí wọ́n sì tì í, gbogbo ilé tó ra ráútà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti lè dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn ra irú ráútà yìí. Láàárọ̀, nǹkan á máa lọ geere. Tó bá di alẹ́, fídíò á dúró, á tún lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, á tún dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìpè WhatsApp á máa já lójijì. Olùtà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára, pé kí wọ́n ra dátà tó pọ̀ sí i. Wọ́n rà á, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí wọ́n ní kí n bá wọn wò ó, OpenWrt, ìyẹn ètò tó ń darí ráútà, ló wà lórí rẹ̀, mo sì wọlé láti orí kọ̀ǹpútà:

```
ssh root@192.168.1.1
wg show
```

Ìlà tó ṣe pàtàkì nínú ohun tó jáde ni `latest handshake`, tó ń sọ ìgbà tí ráútà àti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ VPN, bọ ara wọn lọ́wọ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ilé bá ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, WireGuard máa ń tún ìbọwọ́ náà ṣe ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì-méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pe àṣẹ yẹn léraléra, ó yẹ kí ẹ máa rí àkókò tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé bí ìṣẹ́jú méjì kó tó padà sí òdo. Tiwọn kì í gòkè. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 20 tó fi ń padà sẹ́yìn, ní gbogbo alẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹni kan ṣoṣo ni sáfà ka kọ́kọ́rọ́ kan sí, ibi tí ẹni náà ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gbẹ̀yìn ló sì ń dá èsì padà sí. Bí ilé kejì tó ní kọ́kọ́rọ́ kan náà bá wọlé, èsì tó yẹ kó wá sí ilé àkọ́kọ́ yóò yà sí ọ̀hún, ilé kejì kò sì ní lè kà á, yóò kàn dà á nù. Ilé àkọ́kọ́ yóò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 láìrí èsì, yóò wá tún ìbọwọ́ ṣe, yóò sì lé ilé kejì jáde. Bí wọ́n á ṣe máa lé ara wọn nìyẹn, pàápàá ní alẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti dé ilé. Kò sí dátà tó pọ̀ tó láti wo èyí sàn.

Kí ó lè dá wa lójú, a wá ẹlòmíràn tó ra ráútà lọ́wọ́ olùtà kan náà, a sì ní kí ó ka ìlà `public key` tó wà lábẹ́ `interface` fún wa. Lẹ́tà dé lẹ́tà, kan náà ni. Ìlà yẹn kì í ṣe àṣírí, ẹ lè fi hàn ara yín láìsí ewu. `PrivateKey` inú fáìlì ni ẹ kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ìyẹn lọ́wọ́ lè wọlé sí sáfà bí ẹni pé ẹ̀yin ni, olùtà sì ti ní tiyín lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó.

Oríṣi kan tún wà tí kò tilẹ̀ ní VPN nínú rárá: DNS, ìyẹn ohun tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà àdírẹ́sì, nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹ fi fóònù tó wà lórí wáìfáì náà ṣí `ifconfig.me`, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tí ẹ bá rí wé èyí tí ráútà àtijọ́ yín ń fi hàn lórí ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà; bí ó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣì ni, kò sí VPN níbẹ̀. Bákan náà, ọ̀rọ̀ `VPN passthrough` tí wọ́n ń kọ sára páálí kò ju pé ráútà kò ní dí VPN tó ń ti orí kọ̀ǹpútà yín lọ. Bí olùtà kan bá sì ní kí ẹ fi sátífíkéètì kan sórí àwọn fóònù yín kí VPN rẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ẹ gbé ráútà náà padà fún un lójú ẹsẹ̀. VPN orí ráútà kò nílò sátífíkéètì lórí fóònù, ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi í síbẹ̀ lè máa ka ohun tí HTTPS ń bò.

Àyẹ̀wò kan ṣẹ́kù tí mo ń ṣe kí n tó sọ pé iṣẹ́ náà pé, àwọn olùtà tó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ pa VPN náà látinú ráútà; bí orúkọ tí `wg show` kọ síwájú `interface` kò bá jẹ́ `wg0`, ẹ fi èyí tí ẹ rí rọ́pò rẹ̀:

```
ifdown wg0
```

Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ṣì ń lọ lórí fóònù yín, a jẹ́ pé ọjọ́ tí VPN bá já, gbogbo ilé yóò máa lọ síta láìbò, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Nínú OpenWrt, lábẹ́ `Network` àti `Firewall`, ẹ yọ `wan` kúrò nínú ibi tí `lan` lè rán nǹkan lọ, kí ó ku ti VPN nìkan. Ráútà fúnra rẹ̀ yóò ṣì lè dé ọ̀dọ̀ sáfà. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé `::/0` wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `0.0.0.0/0` nínú `AllowedIPs`, tàbí kí ẹ pa IPv6 pátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè gba ẹ̀gbẹ́ VPN kọjá.

Ẹni tó ti rà á kò níláti sọ ráútà náà nù. Ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì tiyín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ VPN tó ń gba WireGuard lórí ráútà, kí ẹ gba fáìlì tuntun níbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ má ní íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì `reset` mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ohun gbogbo tí olùtà kọ sínú rẹ̀ lè parẹ́, títí kan pásíwọ́ọ̀dù tó ṣì mọ̀. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tiyín sí i kí ẹ tó da fáìlì tuntun náà sínú rẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtà sọ lórí WhatsApp pamọ́, nítorí òun ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, yóò béèrè bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn.