Premiere Pro, DaVinci Resolve àbí Final Cut Pro: èwo ló máa yá ẹ lọ́wọ́ jù nídìí gígé fídíò?

Ẹni tó bá fẹ́ ra sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń gé fídíò sábà máa ń béèrè bí àwọ̀ inú rẹ̀ ṣe máa ń dára tó. Ohun tí èmi kọ́kọ́ máa ń wò ni pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wúkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa tẹ kíbọ́ọ̀dù kí ikọ́ yẹn tó kúrò níbẹ̀? Iṣẹ́ tí à ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ní fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníṣẹ́jú 10 wà níwájú wa, ikọ́ 40 sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń fi máòsì ṣe é máa gé ṣáájú ikọ́, á gé lẹ́yìn ẹ̀, á tẹ ègé yẹn, á sì pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn, tó túmọ̀ sí 160 lápapọ̀. Nínú Premiere Pro, ẹ dá ọ̀pá dúró ṣáájú ikọ́ (ọ̀pá ni mò ń pe ìlà tó ń fi ibi tí fídíò dé hàn), ẹ tẹ `Ctrl+K`, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá kọjá ikọ́ náà, kí ẹ wá tẹ `Q`. Ohun tó wà láàárín ojú ibi tí ẹ gé àti ọ̀pá á kúrò, ìyókù fídíò á sì sún wá dí àlàfo náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, 80 lápapọ̀. `W` ló ń ṣe òdìkejì: ó ń yọ ohun tó wà láti ọ̀pá títí dé ojú gígé tó kàn níwájú.

Àwọn méjì yòókù náà lè ṣe é. Nínú Final Cut Pro, `Cmd+B` ló ń gé, `Option+[` sì ni `Q` tiwọn. Nínú DaVinci Resolve, `Ctrl+B` ló ń gé, àmọ́ `Ctrl+Shift+[` lẹ máa tẹ láti yọ ọ́, ìka mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí kíbọ́ọ̀dù táwọn èdè míì ń lò, `[` lè má sí níbi tó rọrùn rárá. Premiere Pro ló fakọ yọ níbí, tí a kò bá tíì yí ohunkóhun padà.

Ṣùgbọ́n `Q` léwu. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti gé ṣáájú ikọ́, á jẹ ọ̀rọ̀ rere padà sẹ́yìn títí dé ojú gígé tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣe mí rí, odindi ìdáhùn kan lọ, n kò sì mọ̀ títí mo fi rí i pé gígùn fídíò náà ti dín kù ju bó ṣe yẹ lọ. `Ctrl+Z` ló yọ mí. Ẹ tún wo ipele orin tó wà lábẹ́ ohùn: bí V1, ipele àwòrán àkọ́kọ́, àti A1, ipele ohùn àkọ́kọ́, nìkan kọ́ ló mọ́lẹ̀ lápá òsì, `Ctrl+K` á gé orin náà mọ́ ọn.

Ní ti àmì tí a fi ń sààmì sí ibi kan nínú fídíò, `M` ni gbogbo wọn ń lò, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ̀wé sára àmì náà á ṣí. Ìyàtọ̀ wà níbi tí àmì ọ̀hún ń lẹ̀ mọ́. Ara kílíìpù ló ń lẹ̀ mọ́ nínú Final Cut Pro, kò sì ní fi í sílẹ̀ bí kílíìpù bá sún. Nínú àwọn méjì yòókù, ẹ kọ́kọ́ tẹ kílíìpù kẹ́ ẹ tó tẹ `M`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkè táímúláìnì ni àmì máa wà, tí kílíìpù bá sì sún, àmì lè wà níbi tó wà.

Ibi tí Resolve ti gba ọkàn mi ni títo kíbọ́ọ̀dù bó ṣe wù wá, torí ẹ̀dà rẹ̀ ọ̀fẹ́ náà gbà á láyè. Ẹ tẹ `Ctrl+Alt+K`, ẹ wá `Start to Playhead`, kẹ́ ẹ sì fún èyí tó wà lábẹ́ `Ripple` ní `Q`. Ó máa kìlọ̀ pé iṣẹ́ míì ti ń lo `Q`. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ tuntun tọ́jú ètò náà. Ẹ fún `End to Playhead` tó wà lábẹ́ `Ripple` náà ní `W`. Ó ti di ti Premiere Pro nìyẹn, àfi `Ctrl+B`. Ẹ tún lè gbé ètò náà jáde bíi fáìlì lọ sí kọ̀ǹpútà míì. Final Cut Pro ní kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà ètò àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó yí i padà (`Option+Cmd+K`), èyí tí mo gbà pé ó dára, torí ẹ ò lè ba tàkọ́kọ́ jẹ́.

Tó bá jẹ́ ti bí ojú sọ́fíwíà ṣe wà, Premiere Pro nìkan ló jẹ́ kẹ́ ẹ gbé fèrèsé kọ̀ọ̀kan síbi tó bá wù yín.

Ẹni tó ń lo Mac, tó fẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀kan tí kò sì fẹ́ da ara rẹ̀ láàmú lórí àlàfo, kó ra Final Cut Pro, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ lórí Windows. Ẹni tó máa ń gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì lórí Premiere Pro, kó máa san owó oṣooṣù rẹ̀. Ẹni tí kò tíì dá a lójú, kó gba Resolve ọ̀fẹ́, kó fi `Q` àti `W` sí i kó tó gé kílíìpù àkọ́kọ́, kó sì fi fídíò oníṣẹ́jú 10 kan ka iye ìgbà tó tẹ kíbọ́ọ̀dù.