Àpótí ìbuwọ́lù inú Acrobat Reader: ibi tó ti wúlò, àti ibi tí bíírò ṣì ti pọn dandan

Iṣẹ́ mi ní Àkúrẹ́ ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò tẹ ìwé, kí n bá wọn fi orúkọ okòwò sílẹ̀, kí n sì fi ìwé àdéhùn wọn ránṣẹ́. Acrobat Reader ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń buwọ́ lu fáìlì PDF, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Àmọ́ kí ẹ tó lò ó, ẹ ní láti mọ irú ìbuwọ́lù tí ìwé tó wà níwájú yín ń béèrè.

`Fill & Sign` ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ẹ lè tẹ orúkọ yín, ẹ lè fi máòsì fa ìlà rẹ̀, ẹ sì lè gbé àwòrán ìbuwọ́lù yín síbẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwòrán lásán ló jókòó sórí ìwé. Ẹni tó bá rí i lè gé e kúrò, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mìíràn.

Àpótí ìbuwọ́lù gidi yàtọ̀. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ló ń fi í síbẹ̀, àmì pupa kékeré kan sì máa ń wà ní igun rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́: bí fèrèsé tó ń béèrè `Digital ID`, ìyẹn ìdánimọ̀ orí ẹ̀rọ, bá ṣí, òun náà nìyẹn. Bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, ìlà lásán ni wọ́n fà síbẹ̀, `Fill & Sign` ti tó o.

Màmá kan tó ń rán aṣọ iléèwé gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí fèrèsé yẹn ṣí, a mú `Create a new Digital ID`, lẹ́yìn náà `Save to File`. A kọ orúkọ àti ímeèlì wọn, màmá fúnra wọn sì tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.pfx` jáde, òun ni kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù wọn. A buwọ́ lù ú, a tọ́jú ìwé náà, a fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí oníbàárà náà fi pè: "Màmá, ó ń sọ fún mi pé ìbuwọ́lù yín ní ìṣòro o." Lóòótọ́, `At least one signature has problems` ló hàn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kó ṣí `Signature Panel`. Ó bá a níbẹ̀ pé ìwé náà kò tíì yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti buwọ́ lù ú, àti pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni kò tíì mọ ẹni tó buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí fún ìdánimọ̀ tí èèyàn bá ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu màmá pé àwọn ni, ó fi ìdánimọ̀ wọn sínú àwọn tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fọkàn tán, ọ̀rọ̀ náà sì tán. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti yí iye owó inú ìwé náà padà ni, `invalid` ni ì bá rí.

Ẹ má tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí pépà kí ẹ tún wá yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́. Ẹ̀rí inú fáìlì ló níye lórí, kì í sì í bá pépà lọ.

Ohun tí mo bá Reader wí lé lórí ni pé bí pásíwọ́ọ̀dù `.pfx` bá ti sọnù, kò sí bí èèyàn ṣe lè gbà á padà; tuntun ni yóò ṣe.

Àwọn ibì kan wà tí àpótí yìí ò lè ràn yín lọ́wọ́. Bí a bá ń fi orúkọ okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àwòrán ìbuwọ́lù ni a ń gbé sórí ìkànnì wọn, `.pfx` ò wúlò níbẹ̀. Bíírò dúdú ni mo máa ń ní kí èèyàn fi buwọ́ lu pépà funfun tí kò nílà, lẹ́yìn náà ni mo ṣe síkáànì rẹ̀, tí mo gé etí rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti báńkì rí: ìbuwọ́lù tí ẹ fi ṣí àkáǹtì ni wọ́n ń fi wé tuntun, èyí tí èèyàn fi máòsì fà kì í sì í sábà jọ ọ́.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 93, gbà pé ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ tó ìbuwọ́lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ jáde lọ́dún 2015, abala 17 rẹ̀ yọ àwọn ìwé kan sílẹ̀: ìwé ìpíngún, ìwé ìbí àti ti ikú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti gbígba ọmọ tọ́, títí kan àfídáfítì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àfídáfítì wá bá mi pé kí n bá òun fi Reader buwọ́ lù ú, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún un ni, kó lọ buwọ́ lù ú níwájú òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra ní kóòtù.